Ìwé àwòrán ọmọdé: Ibo lọ̀rọ̀ máa wà, ìgbà wo la máa ṣí ojú-ìwé?

Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ka ìwé, wíwò ló ń wò ó. Ìyá tàbí bàbá tó gbé e lé ẹsẹ̀ ló ń kàwé. Kí àgbàlagbà yẹn tó ka ìlà àkọ́kọ́ tán, ojú ọmọ ti lọ yíká gbogbo àwòrán. Ó ti rí Ìjàpá, ó ti rí Erin, ó sì ti rí kòtò tó wà lápá ọ̀tún. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí àyà ọmọ náà já díẹ̀ kí Erin tó jìn sí kòtò, ó ti bọ́. Ọmọ ti mọ ibi tó ń já sí kí ẹ tó parí gbólóhùn.

Nǹkan tó ń ba ọ̀pọ̀ ìwé àlọ́ jẹ́ nìyẹn. Ìtàn dáa, ayàwòrán mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó to ojú-ìwé kó ìṣẹ̀lẹ̀ àti àbájáde rẹ̀ sójú kan náà. Àìsàn kejì tún wà, èyí sì le fún èdè Yorùbá ju fún Gẹ̀ẹ́sì lọ: wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sórí àwòrán, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà wá pòórá sínú ewéko. Ẹ jẹ́ ká fi àlọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ yẹ méjèèjì wò, ìyẹn bí Ìjàpá ṣe tan Erin wọ̀lú pé wọ́n fẹ́ fi jọba. Ká sọ pé ẹ fẹ́ fi ṣe ìwé àwòrán. Báwo lẹ ṣe máa tò ó?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi bébà. Ìwé àwòrán sábà máa ń jẹ́ ojú-ìwé 32. Kì í ṣe òfin ọ̀run o. Bébà ńlá tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ni wọ́n máa ń ká di ojú-ìwé 8, 16 tàbí 32, torí náà ìwé olójú-ìwé 32 kì í fi bébà ṣòfò. Ojú-ìwé kìíní gba orúkọ ìwé. Ojú-ìwé 2 àti 3 gba orúkọ ilé-iṣẹ́, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti àwòrán kékeré kan. Láti ojú-ìwé 4 dé 31, ẹ ní ojú-ìwé méjì-méjì tó kọjú síra lọ́nà 14. Mo máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní abala nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ojú-ìwé 32 dá wà lẹ́yìn, ó dára fún ẹ̀rín ìkẹyìn tàbí àwòrán kékeré kan.

Abala 14 túmọ̀ sí pé ìgbà 13 péré ni ọwọ́ máa ṣí láti abala kan sí òmíràn nínú ìtàn yín, ká má tíì ka ojú-ìwé 32. Ohun tí ẹ ní láti ná nìyẹn. Ẹni tó bá ń ronú pé òun ní ọ̀rọ̀ 500 láti pín sí abala 14, tó wá pín in dọ́gba-dọ́gba, ọ̀rọ̀ 35 níbí, 35 lọ́hùn-ún, ó ti ba ìtàn jẹ́ kí ayàwòrán tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Abala kan lè gba ọ̀rọ̀ 60. Òmíràn lè má gba ẹyọ kan.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù fún èyí ni ìwé tí Maurice Sendak gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, Where the Wild Things Are. Àwòrán rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, funfun yí i ká. Bí ọmọkùnrin inú ìtàn náà ṣe ń jìnnà sílé, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń tóbi sí i, títí tó fi gba gbogbo abala. Lẹ́yìn náà ni abala mẹ́ta tẹ̀ léra wọn láìní ọ̀rọ̀ kankan, níbi tí ọmọ àti àwọn abàmì ẹranko ti ń ṣe fàájì. Nígbà tó ń padà sílé, àwòrán tún ń kéré. Ojú-ìwé tó kẹ́yìn kò ní àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Àwa tí a gbọ́ àlọ́ dàgbà mọ irú nǹkan yìí dáadáa. Apàlọ́ tó gbọ́n mọ ibi tó yẹ kó ti sáré, ó sì mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ kó kàn máa wo ojú àwọn ọmọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Erin.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ọmọ mọ̀ nípa kòtò, àbí kò mọ̀? Nínú àlọ́ wa, olùgbọ́ mọ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n gbé àga ọba sórí ẹní, Erin nìkan ni kò mọ̀. Torí náà kì í ṣe “kí ló máa ṣẹlẹ̀?” ló ń mú ọmọ fẹ́ ṣí ojú-ìwé, “ìgbà wo ló máa ṣẹlẹ̀?” ni. Ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ bí ẹ ṣe máa pín abala. Ìfarahàn kòtò gbọ́dọ̀ tètè wáyé, nígbà tí Ìjàpá kò tíì dé inú igbó pàápàá. Ẹ fi sí abala 3: àwọn ará ìlú ń gbẹ́ ilẹ̀ lóru. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo àga tí ọmọ bá rí, ìfura ni.

Tí ẹ bá ti fi Ìjàpá dé ọ̀dọ̀ Erin ní abala 4, tó fún un ní àkàrà olóyin, tó parọ́ fún un ní 5 àti 6, tí Erin gbà ní 7, ẹ ṣì ní abala méje lọ́wọ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sáré. Wọ́n á kọ ọ́ báyìí: “Erin bá Ìjàpá lọ sí ìlú, ó jókòó sórí àga, ó sì jìn sí kòtò.” Gbólóhùn kan, abala kan, ó tán. Ẹ má sáré. Ìrìn Erin wọ̀lú ni ọkàn ìtàn yìí. Ẹ fún un ní abala mẹ́ta, 8, 9 àti 10. Ní 8, igbó ṣì kún, orúlé kan ṣoṣo ló yọ lọ́ọ̀ọ́kán lápá ọ̀tún. Ní 9, àwọn onílù ti pàdé wọn lọ́nà. Ní 10, ìlú ti kún fọ́fọ́, Erin gba gbogbo abala débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kúrò nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ń dínkù bí Erin ṣe ń tóbi.

Orin àlọ́ náà wà láàárín ibí yìí, òun gan-an ló sì máa ń dá àwọn olùtò-ìwé láàmú. Wọ́n á to lílé àti ègbè sójú kan bí ewì. Ó ka dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbìyànjú èyí: kí lílé wà ní ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún abala 8, kó jẹ́ ìlà tó kẹ́yìn, ibi tí àtàńpàkò máa ń wà. Àgbàlagbà á lé e, ọwọ́ á ṣí ojú-ìwé, ègbè á sì bọ́ sí ẹnu àwọn ọmọ láàárín ìgbà tí bébà ń yí. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i láti 9 sí 10. Ní ìgbà kẹta, láti 10 sí 11, ẹ gé orin náà. Ẹ má fi lílé síbẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń retí rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ yẹn á sọ fún wọn pé nǹkan ti yí.

Abala 11: Erin ti dé iwájú àga. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ju báyìí lọ: “Erin wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó yí ìdí padà, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀…” Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹ má ṣe yàwòrán pé ẹní ti ń ya. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Ìjàpá ti máa sá. Ojú-ìwé nìkan ni aṣọ ìkélé tí ẹ ní, kò sí òmíràn. Ohun tó bá wà lápá ọ̀tún abala kan náà kò lè jẹ́ àṣírí, torí ọmọ ti rí i.

Ọwọ́ wá ṣí. Abala 12: “Gbìì!” Ọ̀rọ̀ kan, eruku, ẹní tó ń fò, ìlù tó bọ́ lọ́wọ́ onílù. Erin fúnra rẹ̀ kò sí lójú-ìwé mọ́, àfi ìhò ńlá. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju pé kí ẹ ya ẹranko tó fara pa, torí ọmọ á fúnra rẹ̀ wo inú ìhò náà. Abala 13 àti 14 á wá jẹ́ ti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí àwọ̀ rọlẹ̀, kí àwòrán tún kéré.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Yorùbá tí à ń kọ lónìí, láti òsì sí ọ̀tún là ń kà á, ìwé sì ń ṣí síwájú láti apá ọ̀tún. Ẹ̀dá tó bá kọjú sí ọ̀tún ń lọ síbi tí ojú-ìwé ti ń ṣí. Èyí tó kọjú sí òsì dà bí ẹni tó ń padà tàbí tí nǹkan dá dúró. Ìrìn tó ṣe pàtàkì jù nínú àlọ́ yìí ni ti Erin wọ̀lú, torí náà kí ìlú wà lọ́tùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn á mú kí Ìjàpá kọjú sí òsì nígbà tó ń lọ sínú igbó. Kò burú. Lílọ tirẹ̀ kò yá, ó ń gbèrò ibi. Ohun tó burú ni kí ìlú wà lọ́tùn-ún ní abala 8, kó bọ́ sí òsì ní abala 9, kí ọmọ wá bi yín pé, “Ṣé Erin ti ń padà lọ sílé ni?”

Ní báyìí, ká gbé ọ̀rọ̀ ka orí àwòrán.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ má gbé e ka orí rẹ̀ rárá: kí àwòrán wà lókè, kí ọ̀rọ̀ wà lórí funfun nísàlẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àwòrán bá gba gbogbo abala, bíi ti abala 10, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ríbi jókòó, ayàwòrán ló sì gbọ́dọ̀ pèsè ibẹ̀ kó tó kun ọ̀dà. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ náà gan-an, ní ìwọ̀n lẹ́tà tí ẹ fẹ́ lò, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó gé e, kó gbé e lé orí àwòrán tó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà. Ibi tí bébà kékeré yẹn bá bò ló gbọ́dọ̀ dákẹ́: ojú ọ̀run tí kò ní kùrukùru, ògiri amọ̀ tí kò ní àwòrán, ilẹ̀ eléruku, ara Erin pàápàá. Àwọ̀ lè yí díẹ̀ níbẹ̀, láti ìyeyè fífẹ́rẹ́ sí funfun, ṣùgbọ́n kó má lọ láti funfun sí dúdú. Tí ìdajì gbólóhùn bá wà lórí ọ̀run tó mọ́lẹ̀, tí ìdajì wà lórí igi aláwọ̀ ewé tó dúdú, kò sí àwọ̀ lẹ́tà kan tó máa ṣiṣẹ́ fún méjèèjì.

Fún Yorùbá, “dídákẹ́” yẹn le ju bí àwọn ìwé ìkọ́ṣẹ́ òyìnbó ṣe sọ lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà “erin”. Tí ayàwòrán bá wọ́n iyanrìn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, bí àwọn ayàwòrán ṣe fẹ́ràn láti máa wọ́n ọ̀dà, tí ẹyọ kan bá bọ́ sábẹ́ “e” yẹn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé á rí “ẹ”. Ẹranko ti fẹ́ di “ẹ̀rín” nìyẹn. Ìràwọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́tà funfun lóru. Òjò tó ń rọ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ sì burú jù, torí ìlà òjò tó dagun dà bí àmì ohùn gẹ́lẹ́. Òyìnbó lè fi ọ̀rọ̀ lé orí ìràwọ̀ kó jẹ. Àwa ò lè ṣe é. Ìkángun “ọkọ”, “ọkọ́” àti “ọkọ̀” ò sí níbì kan náà.

Ní abala 3, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò lóru, ẹ máa fẹ́ lo lẹ́tà funfun. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ń fi íńkì mẹ́rin tẹ àwòrán, búlúù, pupa aláwọ̀ òdòdó, ìyeyè àti dúdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páálí irin tirẹ̀. Lẹ́tà dúdú rọrùn, torí páálí dúdú nìkan ló ń gbé e. Lẹ́tà funfun kì í ṣe íńkì, àyè tí íńkì kò dé ni, gbogbo páálí tó ń tẹ òru yẹn ló sì gbọ́dọ̀ fi àyè náà sílẹ̀ síbì kan náà. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, bí ìdáméjì mìlímítà kan pàápàá, íńkì á kún inú àyè tó kéré jù. Àwọn wo ló kéré jù? Àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ni. Lẹ́tà á dúró, àmì á lọ. Èyí ò túmọ̀ sí pé ẹ má lo funfun. Ẹ lò ó níwọ̀nba, kí lẹ́tà tóbi ju ti ibòmíràn lọ díẹ̀, kó sì sanra, kẹ́ ẹ sì sọ fún ayàwòrán pé íńkì kan tàbí méjì ni kó pọ̀ jù nínú òru yẹn níbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́tà dúdú tún ní èrè mìíràn. Tí ọ̀rọ̀ bá wà lórí páálí dúdú nìkan, tí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì fáwọn ọmọ wa tó wà ní London, tàbí ní Potogí fún Bahia, páálí kan ṣoṣo lẹ máa pààrọ̀. Mẹ́ta tó kù á wà bí wọ́n ṣe wà.

Èwo ni ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe? Nígbà tí àwòrán bá ti parí, tí ọ̀rọ̀ kò sì hàn, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà máa ń na ọwọ́ sí òjìji, kó fi òjìji dúdú sẹ́yìn lẹ́tà, tàbí kó fi ìlà funfun yí i ká. Òjìji á gbé àmì abẹ́ lẹ́tà mì. Ìlà funfun á so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Òmíràn á gbé àpótí funfun tí a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ lé àwòrán lórí, bíi plasta lójú ọgbẹ́. Ó hàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpótí yẹn ti di ohun àkọ́kọ́ tí ojú rí ní abala náà, Erin ti di ìkejì. Ó sàn kí ẹ bẹ ayàwòrán pé kó tún ibẹ̀ kùn.

Nípa lẹ́tà fúnra rẹ̀, ẹ yan fọ́ńtì tó mọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó rẹwà ní “ẹ” àti “é”, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí a ṣe ń gbé àmì ohùn lé orí “ẹ” kó di “ẹ́”. Ìdí ni pé kò sí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún “ẹ́” nínú kọ̀ǹpútà, àmì ohùn ni wọ́n ń gbé kà á. Tí fọ́ńtì kò bá gbọ́n, àmì á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó lé téńté lókè bí ẹyẹ. Andika tí àwọn SIL ṣe fún àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà gbé àmì wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ tẹ ìlà yìí síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó:

```
ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ  Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ Ń Ǹ
```

Ẹ fi àyè tó pọ̀ sáàárín ìlà ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lẹ́tà olóókan 18 tí ìlà rẹ̀ wà ní 24 lè dára fún Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n fún wa, 28 ló máa jẹ́ kí àmì abẹ́ ìlà òkè má baà gbá àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ lórí. Ẹ sì rántí pé ìlà kan tí ẹ fi kún un ti gba àyè lára ọ̀run tí ayàwòrán fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ náà gan-an, pẹ̀lú àmì rẹ̀, kì í ṣe “ọ̀rọ̀ díẹ̀ máa wà níbí.”

Àwọn etí ìwé náà ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí àwòrán yọ kọjá etí ní mìlímítà 3, torí ọ̀bẹ agéwèé kì í gé síbì kan náà nígbà gbogbo. Kí ọ̀rọ̀ jìnnà sí etí ní mìlímítà 10 ó kéré tán, kó sì jìnnà sí àárín ìwé, ibi tí wọ́n ti rán an tàbí lẹ̀ ẹ́, ní bíi mìlímítà 15. Ìwé tí wọ́n fi pín-ín-nì gún láàárín máa ń ṣí gbayawu. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ní ẹ̀yìn ń gbé àárín mì. Kí ojú Erin má bọ́ síbẹ̀ o! Ní abala 10, tí Erin ti gba ojú-ìwé méjèèjì, kí àárín ìwé gba ìkùn rẹ̀ kọjá.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dáa, ẹ má dúró de ilé ìtẹ̀wé. Ẹ mú bébà A4 mẹ́jọ, ẹ ká wọn sí méjì, ẹ fi pín-ín-nì gún àárín wọn. Ojú-ìwé 32 nìyẹn. Ẹ fi pẹ́ńsù ya àwọn èèyàn onígi síbẹ̀, ẹ lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kà á sókè fún ọmọ kan tí kò gbọ́ ìtàn náà rí. Ẹ má wo ìwé, ọmọ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá na ọwọ́ láti ṣí ojú-ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kù, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Tó bá ń wo ibòmíràn ní abala 9, bóyá abala mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ìrìn Erin, ẹ yọ ọ̀kan, kẹ́ ẹ fún kòtò lábala méjì. Tó bá rẹ́rìn-ín ní abala 11, kí ẹ tó ṣí 12, ẹ wá ohun tó já àṣírí nínú àwòrán náà.

Fún ọ̀rọ̀ orí àwòrán, ẹ fi fóònù ya abala kọ̀ọ̀kan ní dúdú àti funfun. Àwọ̀ máa ń tan ojú: pupa lórí àwọ̀ ewé dà bíi pé ó hàn gan-an, àfìgbà tí àwọ̀ bá kúrò níbẹ̀ tí méjèèjì di eérú kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí ìwọ̀n apá kan sí ojú, ní yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, bí ìyá kan ṣe máa kà á lálẹ́ tí NEPA bá ti mú iná lọ. Kí ẹni tí kò mọ ìtàn náà kà á fún yín. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, tó pe “ọkọ̀” ní “ọkọ”, ẹ fi pẹ́ńsù pupa yí i ká, kẹ́ ẹ dá a padà fún ayàwòrán.